Bí A Ṣe Ń Kọ Lẹ́tà Èsì Sí Onílé Tó Fi Owó Kún Owó Ilé, Lẹ́yìn Tí Wọ́n Ti Túmọ̀ Nótíìsì Náà Tán

Bí nótíìsì owó ilé ṣe máa ń rìn ní Àbújá nìyí. Kèátékà á kì í bọ abẹ́ ilẹ̀kùn, ọmọ á ya fọ́tò rẹ̀, fọ́tò á gba orí Wásáàpù lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan ní Lúgbẹ̀ tàbí n'Ílọrin tó gbọ́ òyìnbó dáadáa, òun náà á wá fi ohùn ránṣẹ́ padà: "Màmá, ohun tí wọ́n ń sọ nìyí o." Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró sí. Wọ́n á lọ bá onílé, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á bẹ̀ ẹ́, wọ́n á padà sílé láìsí ìwé kankan lọ́wọ́. Lẹ́tà èsì ni ọ̀rọ̀ tèmi dá lé lórí: bí ẹ ṣe máa kọ ọ́ kó níwà, kó má sì fi ẹ̀tọ́ yín tọrẹ.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá aláṣọ kan ní Kúbwà ṣe àpẹẹrẹ. Mo pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ láti ara irú nótíìsì tí wọ́n sábà máa ń gbé wá sọ́dọ̀ mi ni. Fúláàtì oníyàrá méjì ló ń gbé, 700,000 náírà ló ń san lọ́dún, 1 Máàṣì sì ni ọdún rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́yà Alhaji, onílé rẹ̀, ló kọ nótíìsì náà lédè òyìnbó. Ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ ni 12 Jánúárì 2026, ṣùgbọ́n 20 Jánúárì ni kèátékà tó mú un dé. Ó ní láti 1 Máàṣì, owó ilé á di 1,200,000 náírà lọ́dún. Kí màmá san án láàárín ọjọ́ 14 sí ọjọ́ tí wọ́n kọ lẹ́tà náà. Bí kò bá san án, kó ka ìwé yẹn sí nótíìsì pé kó kó jáde.

Ẹ kọ́kọ́ ya ìtumọ̀ kúrò lára àlàyé

Ẹni tó túmọ̀ ìwé fún yín ti ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀, òun fúnra rẹ̀ sì lè má mọ̀. Ó sọ ohun tí ìwé sọ, ó sì fi èrò tirẹ̀ kún un. Nínú ohùn tí àbúrò màmá yìí fi ránṣẹ́, ó sọ owó tuntun, ó sọ ọjọ́, ó wá fi kún un pé "ọmọ onílé ló fẹ́ gbé síbẹ̀, ẹ ò rí i pé ó fẹ́ lé yín ni," àti pé "kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀ rárá." Kò sí ọ̀rọ̀ ọmọ kankan nínú ìwé.

Ẹ mú bébà kan, ẹ fa ìlà sí àárín rẹ̀. Ní apá òsì, ẹ kọ kìkì ohun tí ìwé sọ: ta ló kọ ọ́, ọjọ́ wo, iye wo, láti ìgbà wo, kí ni wọ́n ní yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹ ò bá san án. Ní apá ọ̀tún, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹni tó túmọ̀ fi kún un. Apá òsì nìkan ni lẹ́tà yín máa dáhùn. Bí ẹ bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ẹ gbọ́ pé ọmọ Alhaji ló fẹ́ gba ilé, ìjà tí kò sí tẹ́lẹ̀ lẹ dá sílẹ̀ yẹn.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ padà wo ìwé gan-an, kì í ṣe fọ́tò. Fọ́tò máa ń gé etí bébà, òǹtẹ̀ ọ́fíìsì àti ọjọ́ sì sábà máa ń wà ní etí yẹn. Òjìji ọwọ́ lè bo òǹkà kan, kí 1,020,000 di 1,200,000 lójú ẹni tó ń kà á lórí fóònù kékeré. Ẹ yí bébà náà padà, nítorí àwọn mìíràn máa ń fi bíírò kọ owó ìtọ́jú àyíká sí ẹ̀yìn. Ẹ bi ẹni tó túmọ̀ ní ìbéèrè kan ní pàtó: ṣé ọdún kan ni owó yìí wà fún, àbí ọdún méjì? Mo ti rí ibi tí ìdílé kan ti sunkún lórí owó ọdún méjì tí wọ́n kà sí ti ọdún kan.

Ẹ wo ọjọ́ náà pẹ̀lú. Ọjọ́ 14 láti 12 Jánúárì parí ní 26 Jánúárì. Nígbà tí ìwé fi dé ọwọ́ màmá, ọjọ́ mẹ́fà péré ló kù. Ìdí nìyí tí ọjọ́ tí ìwé *dé* fi gbọ́dọ̀ wọ inú lẹ́tà. Ẹ kọ ọ́ sára nótíìsì náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù, kí ẹ sì fi fọ́tò tí ẹ yà ní ọjọ́ yẹn pamọ́, torí fóònù ti kọ ọjọ́ àti wákàtí mọ́ ọn.

Níbo ni ilé wà, kí sì ni àgíríméńtì sọ?

Kúbwà, Lúgbẹ̀, Nyánya, Gwàrínpà: abẹ́ Àbújá ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti kọjá Nyánya tí ẹ wọ Màràrábà, ìpínlẹ̀ Nàsàráwá lẹ wà yẹn, bí ẹ tilẹ̀ ń wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Àbújá láràárọ̀. Òfin ilé ibẹ̀ yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Kàdúná àti Kánò ní tiwọn. Àwọn ará wa tó ti Èkó wá máa ń sọ pé àwọn lè gbé onílé lọ sílé ẹjọ́ kó wá sọ bóyá owó náà ti pọ̀ jù. Òfin Èkó ti ọdún 2011 ló sọ bẹ́ẹ̀, kò sì bá wọn kọjá odò Ọya.

Ní Àbújá, òfin gbígba ilé padà, orí 544 nínú àkójọ òfin ọdún 1990, ló wà nílẹ̀. Kò sí ibi tó ti dá iye tí onílé kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ohun tó sọ ni pé, bí àgíríméńtì kò bá dá ọjọ́ mìíràn, ẹni tó ń gba ilé lọ́dọọdún gbọ́dọ̀ gba nótíìsì ìdajì ọdún kí wọ́n tó lè ní kó jáde; ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù kan. Lẹ́yìn ìyẹn, onílé á tún fún un ní nótíìsì ọjọ́ méje pé òun ń lọ sílé ẹjọ́. Nítorí náà, ẹ yọ àgíríméńtì yín síta. Bí wọ́n bá kọ oṣù mẹ́ta síbẹ̀ tí ẹ sì ti fọwọ́ sí i, oṣù mẹ́ta náà ni. Màmá kò ní àgíríméńtì, rísíìtì ọdọọdún ló ní, nítorí náà ìdajì ọdún ni tirẹ̀. Láti 20 Jánúárì sí 1 Máàṣì jẹ́ ogójì ọjọ́ péré.

Ilé ẹjọ́ nílẹ̀ wa náà ti sọ ọ́ pé onílé kò lè dá fi owó kún owó ilé kó sì di dandan. Àfi kí ayálégbé gbà. Gbólóhùn yìí dùn mọ́ni, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi lé onílé lórí. Bí ẹ kò bá gbà, òun náà lè fún yín ní nótíìsì tó pé, kó gba ilé rẹ̀. Bí ẹ bá sì jókòó sínú ilé lẹ́yìn tí nótíìsì tó pé ti parí, ilé ẹjọ́ lè ní kí ẹ san iye tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń lọ lásìkò náà, kì í ṣe iye àtijọ́. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà pẹ̀lẹ́ fi wúlò ju ẹjọ́ lọ: ẹ̀yin méjèèjì ló ní ohun tí ẹ lè pàdánù.

Ẹ mọ iye yín kí ẹ tó mú bíírò

Láti 700,000 sí 1,200,000, ó lé ní ìdá 70 nínú 100. Ẹ má kọ "ẹ bá wa dín in kù," torí onílé á dín 50,000 kù, á sì ní òun ti ṣàánú. Ẹ dárúkọ iye. Màmá béèrè lọ́wọ́ àwọn ayálégbé mìíràn ní àdúgbò tí fúláàtì wọn jọ tirẹ̀, ó rí i pé àwọn tó ti pẹ́ ń san láàárín 800,000 sí 950,000, tí ilé tó ṣófo sì ń lọ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Ó pinnu pé òun á kọ 850,000, òun kò sì ní kọjá 950,000. Iye àkọ́kọ́ wọ inú lẹ́tà. Èkejì kò jáde lẹ́nu rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, títí kan kèátékà.

Lẹ́tà náà

Lọ́yà ló fọwọ́ sí nótíìsì, nítorí náà òun ni wọ́n kọ lẹ́tà sí, kọ́pì sì lọ sọ́dọ̀ Alhaji. Bí ó bá jẹ́ ẹ́jẹ́ǹtì tí ẹ ò rí rí ló fọwọ́ sí i, ẹ fi gbólóhùn kan béèrè ìwé àṣẹ tí onílé fún un. Lẹ́tà tí màmá sọ lẹ́nu tí a sì kọ sílẹ̀ nìyí:

> Àdírẹ́sì ilé
> 23 Jánúárì 2026
>
> Sí: orúkọ lọ́yà àti àdírẹ́sì ọ́fíìsì, bó ṣe wà lórí nótíìsì
> Kọ́pì: Alhaji, onílé
>
> Ẹ̀yin Ọ̀gá,
>
> Lẹ́tà yín ti 12 Jánúárì 2026 lórí owó ilé fúláàtì mi
>
> Mo kí yín, mo sì kí Alhaji àti ìdílé wọn.
>
> Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní 20 Jánúárì 2026 láti ọwọ́ kèátékà. Wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ fún mi ní èdè Yorùbá. Ohun tó yé mi níbẹ̀ ni pé Alhaji fẹ́ kí owó ilé kúrò ní 700,000 náírà lọ́dún, kó di 1,200,000 náírà lọ́dún láti 1 Máàṣì 2026. Bí ó bá ní ibi tí mo ti ṣì í lóye, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ fún mi.
>
> Láti ọdún 2021 ni mo ti ń gbé ilé yìí, n kò sì jẹ owó ilé rí. Mo mọ̀ pé owó ìtọ́jú ilé ti wọ́n sí i, n kò sì ta ko pé kí owó ilé pọ̀ sí i níwọ̀nba. Ṣùgbọ́n n kò gbà sí 1,200,000 náírà. Ohun tí mo lè san ni 850,000 náírà fún ọdún kan, láti 1 Máàṣì 2026 sí 28 Fẹ́búárì 2027.
>
> Ní ọdún tó kọjá, mo fi 60,000 náírà tún sókàwéè ṣe, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda Alhaji. Kọ́pì rísíìtì rẹ̀ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. N kò ní kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú owó ilé. Mo kàn bẹ̀bẹ̀ kí Alhaji rántí rẹ̀.
>
> Ní ti ibi tí lẹ́tà yín ti ní kí n ka ìwé náà sí nótíìsì láti kó jáde, mo fi ọ̀wọ̀ sọ pé ọdọọdún ni mo ń gba ilé yìí, n kò sì gbà pé ìwé náà tó nótíìsì ìdajì ọdún tí òfin là sílẹ̀. N kò fi lẹ́tà yìí jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ mi kankan.
>
> Ẹ jọ̀wọ́ ẹ fún mi láyè láti wá rí yín àti Alhaji kí 10 Fẹ́búárì 2026 tó pé. Ohun tí a bá fẹnu kò sí, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀, ká jọ fọwọ́ sí i.
>
> Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́.
>
> Orúkọ, ìbuwọ́lùwé, nọ́ńbà fóònù

Ẹ wo "n kò gbà sí 1,200,000 náírà." Màmá ní ó le jù, pé ọmọlúàbí kì í sọ̀rọ̀ sí àgbà báyẹn. Ó fẹ́ kí n kọ ọ́ pé "a ti gbọ́ ohun tí Alhaji wí, a dúpẹ́, kí Ọlọ́run pèsè." Lẹ́nu wa, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé a gbà; ọ̀nà tí a fi ń yẹra fún gbólóhùn líle ni. Lórí ìwé, pàápàá nígbà tó bá di òyìnbó, ẹni tó gbọ́ tó sì dúpẹ́ ti gbà nìyẹn. Irú ẹ̀ náà ni "mo kúnlẹ̀ bẹ̀ yín, ẹ fún mi lásìkò." Lọ́yà tó bá ka ìyẹn á sọ pé ayálégbé gbà pé òun jẹ owó, àsìkò nìkan ló ń tọrọ. Ẹ jẹ́ kí ìwà pẹ̀lẹ́ wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, nínú ìkíni àti nínú "ẹ jọ̀wọ́." Gbólóhùn tó gbé owó dání ní láti dúró gbọnin láàárín wọn. (Àwọn kan máa ń fi ẹsẹ Sáàmù sínú lẹ́tà sí Alhaji. Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n yé e.)

Ibi tí màmá ti sọ ohun tó yé e tún ní iṣẹ́ tirẹ̀. Fọ́tò àti ìtumọ̀ ló fi mọ ohun tó wà nínú ìwé, àṣìṣe sì lè ti wọ̀ ọ́. Bó ti sọ ọ́ síta báyìí, bí ó bá ti ṣì í lóye, ọwọ́ lọ́yà ló kù sí láti tún un ṣe. Bí kò bá sì tún un ṣe, ohun tí lẹ́tà sọ ni wọ́n jọ mọ̀.

Nígbà tí lẹ́tà bá di òyìnbó

Lọ́yà kò gbọ́ Yorùbá, nítorí náà ẹnì kan ní láti gbé e lọ sí òyìnbó. Ó dára kó jẹ́ ẹlòmíràn, kì í ṣe ẹni tó túmọ̀ nótíìsì, kí àṣìṣe kan má baà wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá kọ ọ́ tán, kó má gbé e lọ. Kó kà á padà fún yín ní Yorùbá, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn, láìwo èyí tí ẹ kọ́kọ́ kọ. Ẹ̀yin ẹ mú tiyín lọ́wọ́, kí ẹ máa fi wé e. Bó bá dé ibi owó tó sọ pé "mo bẹ̀bẹ̀ kí ẹ dín in kù," tí tiyín sì sọ pé "n kò gbà," ẹ dá a dúró níbẹ̀. Òǹkà, ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ "lọ́dún" gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu láìku ẹyọ kan.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Òfin ilẹ̀ wa tó ń dáàbò bo ẹni tí kò lè ka ìwé ní kí ẹni tó bá a kọ lẹ́tà kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀, kó sì sọ pé òun ka lẹ́tà náà fún un, òun sì ṣàlàyé rẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i. Bí ẹ kò bá lè ka òyìnbó tí wọ́n fi kọ lẹ́tà yín, ẹ fi ìlà yìí sí i, bí ẹ tilẹ̀ mọ Yorùbá kà dáadáa. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, ẹ̀yin náà ló sì ń dáàbò bò.

Bó ṣe máa dé ọwọ́ wọn

Kọ́pì méjì. Ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì lọ́yà fúnra yín, kí wọ́n gba ọ̀kan, kí wọ́n fọwọ́ sí èkejì pẹ̀lú ọjọ́, kí ẹ mú un padà sílé. Bí wọ́n bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà wọn lórí Wásáàpù lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú gbólóhùn kan: "Lẹ́tà tí mo mú wá sí ọ́fíìsì yín lónìí nìyí." Máígádì kì í ṣe ẹni tí à ń fún ní lẹ́tà. Lẹ́yìn náà, ẹ pe Alhaji. Bí ẹ bá gbọ́ Haúsá díẹ̀, ẹ kí wọn dáadáa kí ẹ tó dé orí ọ̀rọ̀. Inú onílé máa ń bàjẹ́ tó bá jẹ́ pé ẹnu lọ́yà ló ti kọ́kọ́ gbọ́.

Ní ti owó: ẹ má san 1,200,000 kí ẹ tó máa jiyàn, torí ẹni tó san ti gbà. Ẹ má sì fi 850,000 ránṣẹ́ nígbà tí wọn ò tíì fèsì, wọ́n lè kà á sí àsansílẹ̀ lára owó tuntun. Bí 1 Máàṣì bá ń bọ̀ tí kò sí èsì, tí ẹ sì fẹ́ san nǹkan, ẹ kọ ọ́ sínú àlàyé tíránsífà pé owó ilé ọdún kan ni, láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí. Bí wọ́n bá dá owó náà padà, ẹ pa ẹ̀rí rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn èsì

Nínú àpẹẹrẹ wa, Alhaji pe màmá lọ́jọ́ kẹrin. Ó ní mílíọ̀nù kan. Màmá ní 900,000. Wọ́n dúró sí 950,000, Alhaji sì ní "ó ti tán." Kò tíì tán. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, màmá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i, ó sì fi kọ́pì ránṣẹ́ sí lọ́yà: "Alhaji, mo dúpẹ́ fún ìpè yín lónìí. Ohun tí a fẹnu kò sí ni 950,000 náírà fún ọdún kan, láti 1 Máàṣì 2026 sí 28 Fẹ́búárì 2027, àti pé lẹ́tà ti 12 Jánúárì kò ní agbára mọ́. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni." Ó dúró de "bẹ́ẹ̀ ni" náà kó tó san owó, ó sì sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ ọjọ́ méjèèjì sára rísíìtì.

Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀ ńkọ́, tí nótíìsì ìdajì ọdún tó pé sì wọlé? Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé mìíràn lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì máa bá ìjíròrò lọ. Ilé ẹjọ́ gíga Àbújá ní ẹ̀ka ìlàjà tó ti wà láti 2003, níbi tí ẹ̀yin àti onílé lè jókòó níwájú alárinà láìṣe ẹjọ́ gidi. Bí wọ́n bá sì ti ilẹ̀kùn mọ́ yín, tí wọ́n ká òrùlé, tàbí tí wọ́n gé iná láti fi lé yín jáde, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní lẹ́tà pẹ̀lẹ́. Kò sí onílé tí òfin fún láyè láti lé ayálégbé láìsí àṣẹ ilé ẹjọ́. Ẹ mú nótíìsì, lẹ́tà yín tí wọ́n fọwọ́ sí, àti rísíìtì ọdún tó kọjá, kí ẹ tọ lọ́yà lọ. Bí owó lọ́yà bá ju agbára yín lọ, ẹ gba ọ́fíìsì Ìgbìmọ̀ Ìrànlọ́wọ́ Òfin ti ìjọba àpapọ̀ lọ, kí ẹ béèrè bóyá ẹ wà lára àwọn tí wọ́n ń bá ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.